Bọ́ọ̀lù tó ń léfòó, apá tó ń rìn bí ẹ̀rọ: bí a ṣe ń tún ìlà ṣe nínú Graph Editor

Nínú ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe àwòrán tó ń rìn, ẹ gbé bọ́ọ̀lù sókè, ẹ fi kíífírémù kan sí i níbẹ̀. Ẹ gbé e wá sílẹ̀, ẹ fi òmíràn sí i. Ẹ tún gbé e síbi tó ti yẹ kó ta dé, ẹ fi ẹ̀kẹta sí i. Nígbà tí ẹ wá ní kí ó máa ṣeré, bọ́ọ̀lù náà ń sọ̀ kalẹ̀ bí ìyẹ́ adìẹ, ó fara kan ilẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó ń sùn, ó sì rọra gbéra padà. Ibi tí ẹ gbé e sí kò burú, iye fírémù tí ẹ fún un náà kò burú, síbẹ̀ ojú kọ̀ ọ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣe nígbà náà ni kí wọ́n máa fi kíífírémù kún kíífírémù, bọ́ọ̀lù á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n jìgìjìgì lórí pé ó ń léfòó. Àìsàn náà kò sí lára kíífírémù. Àárín wọn ló wà.

Kíífírémù kò sọ ju ọ̀rọ̀ kan lọ: ní fírémù báyìí, kí nǹkan yìí wà níbí yìí. Bí bọ́ọ̀lù bá wà lókè ní fírémù 1, tó sì wà nílẹ̀ ní fírémù 16, fírémù méjì péré ni ẹ̀yin fọwọ́ ara yín yàn. Mẹ́rìnlá tó kù, kọ̀ǹpútà ló yàn án. Ó ní òfin kan tó fi ń yàn án, òfin náà kò sì mọ̀ bóyá bọ́ọ̀lù ni, àbí ilẹ̀kùn, àbí ìpéǹpéjú. Graph Editor ni ojú fèrèsé tí a ti ń rí ohun tí kọ̀ǹpútà yàn, ibẹ̀ náà la ti lè gba ìpinnu lọ́wọ́ rẹ̀. Blender ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n bí ìlà ṣe ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ náà ló ń ṣiṣẹ́ nínú Maya àti àwọn yòókù, orúkọ bọ́tìnnì ló kàn yàtọ̀.

Ohun kan wà tó máa ń da àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i láàmú, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú un kúrò lọ́nà. Ìlà tí ẹ ń wò nínú Graph Editor kì í ṣe ojú ọ̀nà tí bọ́ọ̀lù ń gbà. Bọ́ọ̀lù tó ń já bọ́ gbọnrangandan sójú kan, tí kò lọ sápá ọ̀tún tàbí òsì rárá, á ṣì ya ìlà tó tẹ̀ bí ọrun níbẹ̀. Ìdí ni pé àkókò ló ń lọ láti òsì sí ọ̀tún, ní fírémù. Gíga bọ́ọ̀lù nìkan ló ń lọ sókè-sódò. Nítorí náà, ìlà ọ̀hún ń dáhùn ìbéèrè kan ṣoṣo: bí àkókò ṣe ń lọ, báwo ni gíga ṣe ń yí padà?

Látinú èyí la ti rí ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Níbi tí ìlà bá ti nàró, gíga ń yí padà púpọ̀ láàárín fírémù díẹ̀, ìyẹn ni pé nǹkan náà ń sáré. Níbi tí ìlà bá ti tẹ́jú, ó ń falẹ̀ tàbí ó dúró pátápátá. Ìlà tó gùn tààrà láìtẹ̀ túmọ̀ sí eré kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí ẹ bá ti lè máa ka eré lára ìlà báyìí, ẹ ó mọ àìsàn kó tó di pé ẹ tẹ bọ́tìnnì ìṣeré. Ohun tó ń léfòó, ìlà rẹ̀ tẹ́jú níbi tí kò yẹ kó tẹ́jú. Ohun tó ń rìn bí ẹ̀rọ, ìlà rẹ̀ gùn tààrà níbi tó yẹ kó tẹ̀, tàbí kí gbogbo ìlà ara rẹ̀ tẹ̀ bákan náà, ní fírémù kan náà.

Ẹ wá jẹ́ ká mú bọ́ọ̀lù kan gan-an. Ó já bọ́ láti mítà 2, fíìmù wa sì ń lo fírémù 24 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Mo ti gbé ojúko ìpìlẹ̀ bọ́ọ̀lù náà, èyí tí Blender ń pè ní `Origin`, sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí gíga 0 lè jẹ́ ìgbà tó fara kan ilẹ̀. Bí ó bá wà láàárín bọ́ọ̀lù ni, ilẹ̀ kò ní jẹ́ 0 mọ́, ẹ ó ní láti máa fi ìdajì ìbú bọ́ọ̀lù kún gbogbo ìṣirò, kò sì sí ìdí láti fi ìyẹn ni ara yín lára. Òòfà ilẹ̀ ló ń sọ iye fírémù tí ìjábọ́ náà yóò gbà:

```
fírémù = 24 × √(2 × gíga / 9.81)
```

Fún mítà 2, ó jẹ́ 15 àti díẹ̀. A ó mú 15. Nítorí náà bọ́ọ̀lù wà lókè ní fírémù 1, ó dé ilẹ̀ ní fírémù 16. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ó ta padà dé ìdajì gíga rẹ̀, mítà 1. Ìyẹn ń gba fírémù 11 láti gòkè, 11 mìíràn láti sọ̀ kalẹ̀: ó dé òkè ní fírémù 27, ó tún kanlẹ̀ ní fírémù 38. Kíífírémù mẹ́rin péré nìyẹn. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi kún un.

Bí Blender ṣe máa so wọ́n pọ̀ fúnra rẹ̀ ni a ó kọ́kọ́ wò. Ìlà `Bezier` ló ń lò bí ẹ kò bá yí ètò rẹ̀ padà, ọwọ́ tó ń darí ìlà lára kíífírémù kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ oríṣi tí wọ́n ń pè ní `Auto Clamped`. Ìwà oríṣi yìí ni pé níbikíbi tí ìlà bá ti yí padà, yálà ó ń gòkè tó wá ń sọ̀, tàbí ó ń sọ̀ tó wá ń gòkè, ó máa ń tẹ́ ìlà náà pẹrẹsẹ. Lókè, ó tọ́ bẹ́ẹ̀: bọ́ọ̀lù tó ti gòkè dópin máa ń dúró díẹ̀ kó tó yí padà. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ náà jẹ́ ibi ìyípadà lójú kọ̀ǹpútà, ó sì tẹ́ ìlà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn sí bọ́ọ̀lù yín. Ní fírémù márùn-ún àárín ìjábọ́, ó rin nǹkan bíi mítà 0.96. Ní márùn-ún ìkẹyìn, nígbà tó yẹ kó wà nínú eré tó le jù, ó rin bíi 0.52 péré. Ó ń tẹ bíréèkì kó tó kanlẹ̀.

Àwọn kan á ní, ẹ kúkú yan gbogbo rẹ̀, ẹ tẹ `T`, ẹ mú `Linear`. Ìlà á gùn tààrà, bọ́ọ̀lù á rin mítà 0.67 ní fírémù márùn-ún kọ̀ọ̀kan, lókè, láàárín, nísàlẹ̀. Kò léfòó mọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó ti di ẹ̀rọ: ó ń lọ sókè-sódò bí ẹni pé okùn ló ń fà á, ó gbá òkè bí ó ṣe gbá ilẹ̀, bí ẹni pé àjà wà lókè tó forí gbá. Àìsàn kan la fi pààrọ̀ òmíràn.

Ohun tí bọ́ọ̀lù tó ń já bọ́ ní tòótọ́ ń ṣe ni pé eré rẹ̀ ń pọ̀ sí i ní ìwọ̀n kan náà láti fírémù dé fírémù. Ní fírémù 6 ó ṣì wà ní 1.78. Ní fírémù 11 ó wà ní 1.11. Ní fírémù 16, ilẹ̀. Ẹ wo bí ó ṣe ń pín in: mítà 0.22 ní márùn-ún àkọ́kọ́, 0.67 ní márùn-ún kejì, 1.11 ní márùn-ún ìkẹyìn. Irú ìlà bẹ́ẹ̀ tẹ́jú lókè, ó sì nàró gangan bó ṣe ń kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò ṣẹ́ lójijì, gbì, yóò sì tún gòkè pẹ̀lú eré. Nísàlẹ̀, ìlà yìí gbọ́dọ̀ ní ṣóńṣó bí orí ọ̀kọ̀. Ó gbọ́dọ̀ rí roboto lókè bí ìdí igbá.

Báwo la ṣe fẹ́ fún un ní ṣóńṣó yẹn? Ẹ yan bọ́ọ̀lù, ẹ ṣí Graph Editor, ẹ wá ìlà `Z Location`, èyí tó ní àwọ̀ búlúù. Bí ìlà bá sọnù mọ́ yín lójú, bọ́tìnnì `Home` á kó gbogbo rẹ̀ wá síwájú yín. Ẹ yan kíífírémù tó wà ní fírémù 16, ẹ tẹ `V`, ẹ mú `Free`.

`Free` ni mo ní o, kì í ṣe òmíràn, ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Bí ẹ bá kàn di ọwọ́ ìdarí mú tí ẹ fà á láìkọ́kọ́ yí oríṣi rẹ̀ padà, Blender á sọ ọ́ di `Aligned`. Ọwọ́ méjèèjì á wá so mọ́ra bí igi kan tí a gbé sórí òkúta: bí ẹ ṣe ń gbé tòsì sókè, bẹ́ẹ̀ ni tọ̀tún ń rì. Ìlà á kọjá sábẹ́ 0, bọ́ọ̀lù á sì wọnú ilẹ̀ kó tó ta. Bí bọ́ọ̀lù yín bá ń rì díẹ̀ nígbàkígbà tó bá kanlẹ̀, ẹ lọ wò ó níbẹ̀.

`Vector` náà wà nínú àkójọ yẹn, ó sì máa ń dán ènìyàn wò, nítorí ó ń fún ìlà ní ṣóńṣó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àmọ́ ohun tí `Vector` ń ṣe ni pé ó ń na ọwọ́ ìdarí tààrà sí kíífírémù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyẹn jẹ́ kí eré bọ́ọ̀lù nígbà tó kanlẹ̀ jẹ́ ìpíndọ́gba eré gbogbo ìjábọ́ náà, bẹ́ẹ̀ sì ni ohun tó já bọ́ láti ìdúró máa ń kanlẹ̀ pẹ̀lú ìlọ́po méjì ìpíndọ́gba eré rẹ̀. Ìdajì eré ni `Vector` ń fún un. Ó sàn ju bó ṣe wà lọ, ojú á sì tún máa sọ pé nǹkan kan kù.

Ìlọ́po méjì yẹn ló fún wa ní ìwọ̀n tó péye. Ọwọ́ ìdarí kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gùn tó ìdá kan nínú mẹ́ta àkókò tó wà láàárín kíífírémù méjèèjì. Èyí tó wà lókè tẹ́jú pẹrẹsẹ. Èyí tó wà nílẹ̀ gbéra dé ìdá méjì nínú mẹ́ta gíga tí bọ́ọ̀lù ti já bọ́, tàbí èyí tó fẹ́ ta dé. Bí ẹ bá ṣe é báyìí, ìlà `Bezier` yóò bá ìlà òòfà ilẹ̀ mu láìyẹ̀.

Ẹ tẹ `N`, ẹ lọ sí `F-Curve`, ẹ ó rí ibi tí a ti lè fi nọ́ńbà sí ọwọ́ ìdarí kọ̀ọ̀kan. Fún kíífírémù àkọ́kọ́, ọwọ́ ọ̀tún wà ní fírémù 6, gíga rẹ̀ 2. Fún èyí tó wà nílẹ̀ ní fírémù 16, ọwọ́ òsì wà ní fírémù 11, gíga 1.33, ọwọ́ ọ̀tún wà ní fírémù 19.67, gíga 0.67. Fún òkè kejì, ní fírémù 27, ọwọ́ méjèèjì tẹ́jú ní gíga 1, ọ̀kan ní 23.33, èkejì ní 30.67. Fún ìkanlẹ̀ kejì, ní fírémù 38, ọwọ́ òsì wà ní 34.33, gíga 0.67. Ẹ kíyè sí i pé ní fírémù 16, tòsì nàró ju tọ̀tún lọ. Bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí: ilẹ̀ ti gba díẹ̀ nínú eré bọ́ọ̀lù. Bí ọwọ́ méjèèjì bá nàró dọ́gba, bọ́ọ̀lù á fi gbogbo eré tó bá wá padà gbéra, kíífírémù òkè kejì á wá fà á sẹ́yìn kó má bàa kọjá mítà 1, ojú á sì rí fífà náà.

Kò pọn dandan kí ẹ máa fi nọ́ńbà ṣe é lójoojúmọ́. Èmi náà, ojú ni mo fi ń ṣe é báyìí. Ṣùgbọ́n ẹ fi nọ́ńbà ṣe é lẹ́ẹ̀kan, kí ojú yín lè mọ bí ìlà tó tọ́ ṣe ń rí.

Ọ̀nà kan wà láti yẹ iṣẹ́ náà wò láìgbẹ́kẹ̀ lé ìṣeré nìkan. Nínú ètò `Object` bọ́ọ̀lù náà, ẹ wá `Motion Paths`, ẹ tẹ `Calculate`. Blender á fi àmì kékeré kan síbi tí bọ́ọ̀lù wà ní fírémù kọ̀ọ̀kan. Lókè, àwọn àmì náà gbọ́dọ̀ fún mọ́ra. Bí wọ́n ṣe ń sún mọ́ ilẹ̀ ni kí wọ́n máa jìnnà síra, kí àlàfo tó gbẹ̀yìn sì jẹ́ èyí tó gùn jù. Bí ẹ bá rí i tí wọ́n tún ń fún mọ́ra nítòsí ilẹ̀, ọwọ́ ìdarí kan ṣì tẹ́jú níbẹ̀.

Bí bọ́ọ̀lù náà bá tún ń lọ síwájú, kì í ṣe pé ó ń ta sójú kan, àìsàn mìíràn máa ń farapamọ́ sínú ìlà `X Location`. Nígbà tí ẹ bá ń fi kíífírémù sí `Location`, gbogbo ẹ̀ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló máa ń gbà á, ìlà `X` náà á wá ní kíífírémù ní òkè kọ̀ọ̀kan àti ní ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá wá sọ gbogbo àwọn tó wà nílẹ̀ di ṣóńṣó láìya `Z` sọ́tọ̀, ìrìn síwájú náà á máa gbọ̀n. Ohunkóhun kò fa bọ́ọ̀lù sẹ́yìn nínú afẹ́fẹ́ tó pọ̀ tó kí ojú rí i. Nítorí náà ẹ pa gbogbo kíífírémù àárín rẹ́ lórí `X`, ẹ fi ti ìbẹ̀rẹ̀ àti ti òpin nìkan sílẹ̀, kí ẹ sì sọ ìlà rẹ̀ di `Linear`. Bẹ́ẹ̀ ni o, `Linear` tó ba `Z` jẹ́ gan-an ni `X` ń fẹ́. Kò sí oríṣi ìlà kan tó dára fún gbogbo nǹkan; ohun tí agbára ń ṣe lápá ibẹ̀ ló ń sọ.

Ó tún wà bẹ́ẹ̀ pé ẹ ti tún gbogbo ọwọ́ ìdarí ṣe tán, síbẹ̀ kí bọ́ọ̀lù ṣì máa léfòó. Nígbà náà, ẹ ka fírémù. Bí ìjábọ́ láti mítà 2 bá gba fírémù 38, kò sí ìlà tó lè gbà á là, nítorí bí bọ́ọ̀lù ṣe ń já bọ́ lórí òṣùpá gan-an nìyẹn: òòfà ibẹ̀ jẹ́ 1.62, ti ilẹ̀ ayé jẹ́ 9.81. Ìlà yín lè tọ̀nà láìkù síbì kan, kó sì jẹ́ pé òṣùpá ló bá mu. Ẹ sún àwọn kíífírémù mọ́ra ni.

Ìwọ̀n ohun tí ẹ yà náà wà nínú ọ̀rọ̀. Òkúta tó já láti mítà 20 ń lo bíi fírémù 48. Bí ẹ bá ṣe é ní fírémù 15, ojú á kà á sí òkúta wẹ́wẹ́ tí a gbé kámẹ́rà sún mọ́, ìwúwo rẹ̀ á sì sọnù. Ohun ńlá ń fẹ́ àkókò, kò sì túmọ̀ sí pé ó ń léfòó, níwọ̀n ìgbà tí ìlà rẹ̀ bá ń nàró títí tó fi kanlẹ̀.

Títí dé ibí, òòfà ilẹ̀ ló ń bá wa pinnu. Ara ènìyàn le díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, nítorí iṣan ló ń gbé e, kò sì sí ìṣirò kan tó máa sọ iye rẹ̀. Ẹ mú ẹni tó ń gbé apá sókè láti nàka sí nǹkan. Èjìká yí láti 0 dé ìwọ̀n 80, kíífírémù kan wà ní fírémù 1, èkejì ní fírémù 25. Ìgúnpá àti ọrùn ọwọ́ náà ní kíífírémù ní fírémù méjèèjì yẹn. Ẹ ṣeré rẹ̀, ẹ ó rí ilẹ̀kùn tó ń ṣí. Bí ẹ bá wo Graph Editor, ìdí rẹ̀ hàn gbangba: ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọra bí ìbẹta, wọ́n rọra gbéra papọ̀, wọ́n rọra dúró papọ̀, gbogbo wọn sì dé ìdajì ọ̀nà ní fírémù 13 gẹ́lẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ yí ìrísí ìlà èjìká padà. Ní fírémù 1, ẹ gé ọwọ́ ìdarí rẹ̀ kúrú kó má kọjá fírémù 3. Ní fírémù 25, ẹ na ọwọ́ òsì padà sẹ́yìn dé fírémù 9, kó tẹ́jú ní 80. Báyìí, apá á ti dé ìdajì ọ̀nà ní nǹkan bíi fírémù 8, á wá lo gbogbo ìyókù láti fara balẹ̀. Ẹni tó mọ ohun tó ń nàka sí ló ń gbé apá bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá yí i padà, tí ìbẹ̀rẹ̀ gùn tí òpin sì kúrú, apá kan náà á dà bí èyí tó wúwo tàbí tí ó rẹ̀. Kíífírémù kò yí padà rárá, ṣùgbọ́n ẹni tó ni apá ti yí padà.

Lẹ́yìn náà, ẹ yan ìlà ìgúnpá nìkan, ẹ tẹ `G`, lẹ́yìn rẹ̀ `X` kó má bàa lọ sókè tàbí sódò, ẹ sún un sọ́tùn-ún ní fírémù 2. Ẹ sún ti ọrùn ọwọ́ ní 4. Èjìká á kọ́kọ́ gbéra, ìgúnpá á tẹ̀ lé e, ọwọ́ á dé kẹ́yìn. Bí ẹ bá sún un kọjá bẹ́ẹ̀, ní fírémù 8 tàbí 10 fún ìṣípò tó kúrú tó báyìí, ọwọ́ á máa fì bí aṣọ tí a sá sórí okùn, ìléfòó tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ lé jáde á sì gba ẹ̀yìn wọlé.

Bí apá bá ti nà tán, ẹ má fi í sílẹ̀ lórí ìlà tó tẹ́ pẹrẹsẹ títí tí ẹni náà yóò fi sọ̀rọ̀ tán. Ìlà tó tẹ́jú fún fírémù 40 ń jẹ́ kí ara dà bí ère. Ẹ fi kíífírémù kan sí fírémù 65, kí èjìká wà ní 78 dípò 80, kí ìlà tó so wọ́n máa sọ̀ kalẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́. Ìwọ̀n 2 láàárín fírémù 40 kéré débi pé ẹni tó ń wòran kò ní mọ̀ pé apá ń rìn.